Lẹ́tà Tó Fi Ẹlòmíì Jẹ Mọ́gàjí

Mo ti gbá ènìyàn létí lẹ́ẹ̀mẹta láyé mi. Ẹni àkọ́kọ́ ni ọkọ tí mo kọ́kọ́ fẹ́, ó tọ́ sí i, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lórí ìyẹn títí mo fi máa kú. Ẹnì kejì ni kọ̀ńdọ́ mọ́tò kan ní Mọ́lété tó kó ṣéńjì mi lọ tó tún ń bú ìyá mi. Ẹnì kẹta ni obìnrin tó ń tẹ̀wé ní Bẹẹrẹ. Òun ni kò ṣẹ̀ mí, òun sì ni mo gbá jù.

Inú ń bí mi, mo mọ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Òkè Mapó ni wọ́n bí mi sí, a kì í fi ọ̀rọ̀ sínú. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba, tí mo ń tẹ lẹ́tà fún àwọn ọ̀gá, láti orí táípúráítà onírin títí dé orí kọ̀ǹpútà. Kò sí ọ̀gá tó dá ìwé mi padà rí. Èmi ni mo máa ń dá ti àwọn tó kù padà. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ìgbéraga yẹn bá mi wá sílé, ó jókòó tì mí, a jọ ń jẹun.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìjì ṣí òrùlé ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò wa ní Bẹ́yẹrúnkà. Páànù gbéra, ó lọ já lórí mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni. Aboyún kan bímọ lábẹ́ ọ̀rá tí àwọn nọ́ọ̀sì fà bò ó, òjò ń bọ́ sí ojú ọmọ náà bó ṣe ń jáde. Ìyẹn ká wa lára. A dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti fi lẹ́tà tọrọ owó òrùlé lọ́wọ́ àwọn ọmọ àdúgbò, nílé lóko. Tíṣà ni alága wa. Tíṣà nìkan ni gbogbo ayé ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá ilé ìwé ló fi fẹ̀yìn tì. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan láti Ọjà'ba títí dé Bẹ́yẹrúnkà tí kò ti na ọmọ ibẹ̀ lẹ́gba rí, èmi náà wà níbẹ̀. Òun ló kọ́ mi ní A B D. Ìdí tí a fi mú un nìyẹn: bí ènìyàn bá rí ọwọ́ Tíṣà nísàlẹ̀ lẹ́tà, á fi ọwọ́ sí àpò. Èmi ni akọ̀wé.

Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Ìbàdàn lè má mọ ohun tó wà nínú oyè. Níbí, o lè gbàgbé orúkọ ènìyàn kí ó rẹ́rìn-ín. Má gbàgbé oyè rẹ̀. Ẹni tó ti lọ Mẹ́kà, Alhaji ni. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí agboolé, Mọ́gàjí ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wà lórí àkàsọ̀ tí ó lè gbé e dé ipò ọba bí ẹ̀mí bá gùn. Ìjà lórí pé ta ni Mọ́gàjí, ìjà ogún, ìjà ilẹ̀ àti ìjà orúkọ ni, gbogbo rẹ̀ nínú ìkòkò kan. Nítorí náà mo fara balẹ̀. Mo kọ orúkọ àwọn ènìyàn náà sínú láptọ́ọ̀pù mi, wọ́n lé ní igba, mo tò wọ́n ní agboolé dé agboolé: oyè ní òòró àkọ́kọ́, orúkọ ní ìkejì, agboolé ní ìkẹta. Mo tẹ lẹ́tà náà fúnra mi. Èdè rẹ̀ dùn. Àárín rẹ̀ ni mo ti kọ ọ́ pé a mọ̀ pé àwọn ará agboolé yín kì í gbẹ́yìn nínú ohun rere, mo sì fi àmì ọfà méjì-méjì yí ibi tí orúkọ agboolé máa bọ́ sí ká, bí mo ṣe máa ń rí i lójú kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́. Mo kó lẹ́tà àti lísìtì sínú fúláàṣì kan, mo gbé e lọ fún obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Bẹẹrẹ, pé kó so méjèèjì pọ̀ kí ẹ̀rọ máa fi orúkọ kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Obìnrin náà kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Ìlú Èkìtì ló ti wá, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó pè mí lórí fóònù. Mo wà nídìí ata, epo ti gbóná. Ó ní, ẹ jọ̀ọ́ mà, lísìtì yìí ò yé mi dáadáa. Mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Mo ní èmi tí mo ti ń tẹ̀wé kí wọ́n tó bí i, ṣé òun ló fẹ́ kọ́ mi? Mo ní ohun tí mo gbé fún un ni kó tẹ̀, kó má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ mi. Ó ní ó dáa mà. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ó tún pè. Mi ò gbé e.

Ó tẹ̀ ẹ́. Tíṣà lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó ń fọwọ́ sí i. Ọwọ́ bàbá náà ti ń gbọ̀n, ojú náà ò ríran bíi tàtijọ́, nítorí náà obìnrin náà wá ọgbọ́n kan dá sí i. Ó to àwọn lẹ́tà náà lé ara wọn lórí tábìlì bí ènìyàn ṣe ń to páànù sórí ilé, tó fi jẹ́ pé ibi ìfọwọ́sí nìkan ló yọ síta lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tíṣà á fọwọ́ sí mẹ́wàá kó tó mí. Kò rí orí lẹ́tà kankan. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ti Bẹ́yẹrúnkà lọ, torí pé àdúgbò òun nìyẹn. Obìnrin náà ṣa àwọn tó jẹ́ ti Bẹ́yẹrúnkà jọ, ó kó wọn sínú àpòòwé, ọlọ́kadà gbé wọn lọ.

Èmi dé ṣọ́ọ̀bù ní nǹkan bí aago mẹ́wàá láti kó àwọn tó kù. Mo mú lẹ́tà òkè pátápátá. Vícà ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n kọ ọ́ sí, ọkùnrin onírùngbọ̀n. Wọ́n ní: Alhaja wa ọ̀wọ́n. Mo mú èkejì. Bàbá kan tó jẹ́ díákónì ní Onítẹ̀bọmi: Alhaja wa ọ̀wọ́n. Ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún, Alhaja ni gbogbo wọn, tọkùnrin tobìnrin. Mo wo ìsàlẹ̀ díẹ̀, Alhaji bẹ̀rẹ̀, ó sì bọ́ sórí olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ò ní oyè kankan, àyè òfìfo ló ṣáájú orúkọ wọn bí ọmọ òrukàn. Mo wo àárín lẹ́tà. Lára gbogbo wọn, láì yọ ọ̀kan sílẹ̀, ó wà níbẹ̀ gàgàrà: a mọ̀ pé àwọn ará «Agboolé» kì í gbẹ́yìn.

Ojú mi ṣú. Mi ò bèèrè ohunkóhun. Obìnrin náà dìde láti kí mi ni, ó ń rẹ́rìn-ín, àtẹ́lẹwọ́ mi sì pàdé ẹ̀rín náà lójú ọ̀nà. Ó dún débi pé ẹni tó ń ṣe fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú. Ètè rẹ̀ bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí bọ́tìnì kọ̀ǹpútà. Mo sì ń sọ̀rọ̀ lọ, pé ó ti bà mí lórúkọ jẹ́, pé aláìmọ̀ṣẹ́ ni, pé kó padà sí ìlú rẹ̀.

Obìnrin náà fi etí aṣọ nu ẹnu rẹ̀, ó ki fúláàṣì mi bọ ẹ̀rọ, ó ṣí lísìtì tí èmi fúnra mi gbé fún un, ó sì yí kọ̀ǹpútà náà kọjú sí mi. Orúkọ àkọ́kọ́, vícà. Oyè tó wà ní iwájú rẹ̀, Alhaja. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí dé ìsàlẹ̀, Alhaja, Alhaji, bí A B D ṣe tò wọ́n.

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Ní alẹ́ tí mo parí lísìtì, mo fẹ́ mọ iye Mọ́gàjí tó wà níbẹ̀. Mo yan òòró oyè nìkan, mo ní kó tò ó ní A B D kó lè rọ̀ mí lọ́rùn láti kà. Ẹ̀rọ náà bi mí ní ìbéèrè kan, pé ṣé kí òun tún àwọn òòró yòókù tò pẹ̀lú rẹ̀ ni, àbí kí òun fi wọ́n sílẹ̀. Mi ò ka ìbéèrè náà tán. Mo tẹ èyí tó wù mí. Oyè gbéra lórí àwọn tó ni ín, orúkọ dúró síbi tó wà, mo ka Mọ́gàjí mi, mo tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo lọ sùn. Ọ̀rọ̀ agboolé náà, èmi náà ni. Ọfà tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni lójú ẹ̀rọ, àfi kí ènìyàn gba ojú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un. Obìnrin náà ti fi oyè àti orúkọ sí àyè wọn bó ṣe yẹ. Èyí tí mo tẹ̀ sáàárín ọ̀rọ̀ ni kò fọwọ́ kàn, torí mo ní kó má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ mi.

Ìtìjú mú mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló tètè borí rẹ̀. Mo sáré wo àwọn ará Bẹ́yẹrúnkà nínú lísìtì náà. Agboolé kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ ìyá méjì ti ń jà sí oyè Mọ́gàjí láti ìgbà tí ẹni tó wà lórí rẹ̀ ti kú. Wọ́n ti yan àbúrò, wọ́n ti we láwàní fún un, ẹ̀gbọ́n ò gbà. Oṣù tó ṣáájú ni wọ́n ṣá ọmọ ẹ̀gbọ́n ládàá ní ejìká. Mo kọ orúkọ àwọn méjèèjì tẹ̀léra. Nínú lísìtì yẹn, ọ̀rọ̀ Mọ́gàjí tó gbẹ̀yìn nínú òòró oyè bọ́ sórí orúkọ ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó tẹ̀ lé e, àbúrò tí wọ́n ti fi jẹ, Ọ̀gbẹ́ni lásán ni wọ́n pè é. Orí mi fò lọ.

Mo pe Tíṣà. Mo ní, Tíṣà, lẹ́tà ti lọ, ó sì ti ṣìnà, ẹ má jáde. Mo ṣàlàyé ohun tó wà nínú ti agboolé yẹn. Ó ní ẹ̀yìnkùlé òun ni agboolé náà wà, òun ti ń gbọ́ ariwo, òun ò mọ̀ pé lẹ́tà òun ló fà á. Ó ní òun á lọ gbà á. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró dè mí. Ó ní ọwọ́ òun ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì pa fóònù.

Mo gun ọ̀kadà ní Bẹẹrẹ, mo sọ fún ọlọ́kadà pé bó bá pa mí, kó pa mí, kó ṣáà yára. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju ọ̀kan lọ: kí n dé ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bàbá yẹn. Kí n sọ pé èmi ni. Mo ń tún un sọ lórí ọ̀kadà, èmi ni, èmi ni, atẹ́gùn ń gbà á lẹ́nu mi.

Ìjà ti bẹ́ kí n tó dé. Àga ti fọ́ sílẹ̀ lójúde, wọ́n ti la orí ẹnì kan, ó jókòó ti ògiri, ó fi fìlà dí ojú ọgbẹ́, fìlà náà ti rin. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gbé lẹ́tà wa sókè, ó ń kà á bí ẹni ń ka ìwàásù, Mọ́gàjí wa ọ̀wọ́n, ó tún un kà. Àwọn ènìyàn àbúrò wà nísàlẹ̀, àdá lọ́wọ́ èyí, igi lọ́wọ́ tọ̀hún, ìyàwó kan mú ọmọ odó. Ìgò kan fò, ó fọ́ sí ara ògiri, ó bú sí ojú àwọn tó wà nítòsí. Àárín wọn gan-an ni Tíṣà dúró sí, nínú bùbá inú ilé àti sálúbàtà, láì dé fìlà. Mi ò rí i láì dé fìlà rí.

Ó ń sọ fún wọn pé àṣìṣe ni. Àbúrò fúnra rẹ̀ jáde wá, láwàní wà lórí rẹ̀. Ó gba lẹ́tà tirẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó nà án sí Tíṣà. Ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, torí pé Tíṣà ló kọ́ òun náà níwèé.

Ó ní, "Tíṣà, ta ló kọ eléyìí?"

Mo ti wà ní ẹnu ọ̀nà agboolé nígbà yẹn. Tíṣà gbójú sókè, ó rí mi. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ lórí ọ̀kadà wà lórí ahọ́n mi, ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo wo àdá ọwọ́ ọkùnrin tó wà níwájú mi. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ díẹ̀ lójú àdá náà. Èmi tí mo lè gbá obìnrin jẹ́jẹ́ létí láàárọ̀, ẹnu mi gan pa.

Tíṣà mú ojú kúrò lára mi. Ó ní, "Èmi ni. Ẹ ò rí ọwọ́ mi níbẹ̀?"

Ẹnì kan lẹ́yìn kígbe pé wọ́n ti ra Tíṣà. Òkúta kan fò wá; mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́ títí di òní, ó sì lè jẹ́ pé kì í ṣe Tíṣà ló sọ ọ́ sí. Ó ba ojú ọ̀tún bàbá náà. Bàbá náà ké igbe kan tí mi ò fẹ́ ṣàpèjúwe. Ó wó lulẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n ń jà lórí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó pariwo pé èmi ni, èmi ni mo kọ ọ́. Ta ló ń gbọ́? Mo fi orí gbá inú wọn wọlé, mo bu ẹnì kan jẹ lápá títí ó fi jáwọ́, igi bà mí léjìká, mo dùbúlẹ̀ lé bàbá náà lórí. Ìyàwó tó mú ọmọ odó yẹn ló wá bá mi fà á jáde. Ó ń sunkún. Ó ní Tíṣà ló kọ́ òun láti kọ orúkọ òun.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yọ ẹyinjú náà. Ọlọ́pàá wá, Tíṣà sọ fún wọn pé òun ṣubú lu òkúta. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ wá, wọ́n bi í bí lẹ́tà ṣe bàjẹ́, ó ní àṣìṣe òun ni, òun fọwọ́ sí ohun tí òun ò kà. Mo wà nínú yàrá náà, mo di abọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé ó yẹ kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ obìnrin atẹ̀wé yẹn. Mo gbé abọ́ náà kalẹ̀, mo sọ òtítọ́ fún wọn: òòró tí mo tò, ìbéèrè tí mi ò kà, ìpè tí mi ò gbé, etí tí mo gbá. Mo ní kí wọ́n yọ mí. Wọ́n yọ mí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kò dùn mí tó.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, Tíṣà, ẹ dárí jì mí, ẹ rí mi lẹ́nu ọ̀nà ọjọ́ yẹn, mi ò lè sọ̀rọ̀, ẹ̀rù bà mí. Ó ní ó yé òun. Ó ní ẹ̀rù ba òun náà. Mo sọ fún un pé ohun tó ń pa mí lára jù ni pé obìnrin yẹn rí àṣìṣe náà kó tó di pé wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó pè mí, mo sì jágbe mọ́ ọn, nígbà tó pè lẹ́ẹ̀kejì mi ò gbé e.

Mo rò pé ó ti sùn. Báńdéèjì bo ìdajì ojú rẹ̀, mi ò lè mọ̀.

Ó ní, "Nígbà tí o ò gbé e, èmi ló pè. Ó ní oyè àwọn ènìyàn wọ̀nyí ò dọ́gba mọ́ orúkọ wọn, pé kí n wá wò ó kí òun tó tẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé ta ló kọ lísìtì. Ó ní ìwọ ni. Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ, pé èmi ni mo kọ́ ọ níwèé."